Ṣé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló ń fa ìjà ẹ̀sìn? Ẹ wo Ìjàyè, Ṣágámù àti Yunifásítì Ìbàdàn

Ẹni tó bá ń gbé Ajíbọ́dẹ, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ń gba yàrá sí, kò ní ṣàì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí: "Àwọn baba wa tó ń bọ òrìṣà kì í jà nítorí ẹ̀sìn. Ọjọ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn Ọlọ́run kan ṣoṣo dé ni wàhálà dé." Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ òṣèlú tiẹ̀ máa ń kọ ọ́ sínú péépà wọn bíi pé kò sí àríyànjiyàn nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. A ò ní í rìn jìnnà ká tó rí ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Jan Assmann, kọ ìwé lórí ẹ̀ ní 1997. Ó ní láyé àtijọ́, bí ará ìlú kan bá dé ìlú míì, á kàn wo òrìṣà wọn, á ní "lọ́dọ̀ tiwa, báyìí la ṣe ń pe eléyìí." Bí a ṣe lè wo Gu àwọn ará Dàhòmì ká ní Ògún ni nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló jẹ́ òótọ́ gbọ́dọ̀ gbà pé irọ́ ni àwọn tó kù. Ibẹ̀, lójú tiẹ̀, ni irú ìkórìíra tuntun kan ti gba ilẹ̀kùn wọlé.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Ìjàyè, tí òun náà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé bíi ti Ajíbọ́dẹ. Ní 1859, Aláàfin Àtìbà wàjà. Àṣà Ọ̀yọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá ọba kú, ṣùgbọ́n Adélù tó jẹ́ Àrẹ̀mọ kò kú, orí oyè ló gùn. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó ń ṣàkóso Ìjàyè, ní òun ò mọ̀ ọ́n lọ́ba. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1860, nígbà tó sì fi máa di 1862, Ìjàyè ti tú, àwọn tó sá àsálà ti kó lọ sí Abẹ́òkúta.

Òótọ́ ni pé àwọn mùsùlùmí díẹ̀ wà nínú àwọn tó jà, àwọn míṣọ́nnárì náà sì ti wà ní Ìbàdàn àti ní Ìjàyè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe wọn ló dá ogun sílẹ̀. Ṣàngó, Ògún àti Ifá tí wọ́n ń bọ ní Ìjàyè náà ni wọ́n ń bọ ní Ìbàdàn. Ohun tí wọ́n ń du ni àṣẹ: ta ni yóò pàṣẹ fún àwọn ìlú tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti fọ́?

Assmann lè dáhùn pé, "Mi ò sọ pé abọ̀rìṣà kì í jagun. Ohun tí mo sọ ni pé wọn kì í jà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn fúnra rẹ̀." Ìdáhùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, Ìjàyè nìkan kò tó láti já ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó já ni àṣìsọ tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa, pé àlàáfíà la wà kí ẹ̀sìn àjèjì tó dé.

Ká wá wo Ṣágámù, ní oṣù keje 1999. Orò ń jáde lóru. Ìròyìn sọ pé wọ́n pa obìnrin Hausa kan nítorí pé ó wà níta lásìkò tí obìnrin kò gbọdọ̀ sí níta. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa, ọ̀pọ̀ èèyàn kú, àwọn kan sì lọ gbẹ̀san lára Yorùbá tó ń gbé Kánò. Níbí, èèwọ̀ Orò ló tanná ran ìjà, kì í ṣe Bíbélì, kì í ṣe Kùránì. Èyí já ọ̀rọ̀ pé ẹ̀sìn ìbílẹ̀ kì í bá ìjà ẹ̀sìn pàdé. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú sí nǹkan kan: ibi tí ẹ̀sìn ti pín sí, ibẹ̀ náà ni ẹ̀yà ti pín sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Yunifásítì Ìbàdàn. Àgbélébùú kan ti wà lágbàlá ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti àwọn ọdún 1950. Ní nǹkan bí 1985, lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí sítòsí ibẹ̀, àwọn mùsùlùmí ní tí àwọn bá kọjú sí ìlà-oòrùn láti kírun, àgbélébùú yẹn làwọn ń rí, kí wọ́n gbé e kúrò. Àwọn kìrìsìtẹ́nì ní òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ní oṣù kìíní 1986, ariwo tún sọ pé Nàìjíríà ti wọ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè mùsùlùmí lágbàáyé, ara gbogbo èèyàn sì gbóná. Lọ́dún yẹn kan náà, iná sun ère Jésù tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn.

Báwo ló ṣe parí? Wọ́n mọ ògiri sáàárín. Àgbélébùú wà níbi tó wà, ẹni tó ń kírun ò sì rí i mọ́. Kò di ogun nígboro Ìbàdàn.

Ní oṣù kẹta 1987, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kìrìsìtẹ́nì àti mùsùlùmí jà ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Kafanṣan, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, lórí ohun tí oníwàásù kan sọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti ran dé Kàdúná àti Zaria, wọ́n ń pààyàn, wọ́n ń sun ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀sìn méjì kan náà ni, ìjọba ológun kan náà, ọdún kan péré ló sì wà láàárín méjèèjì. Kí ló yàtọ̀?

Ní Kafanṣan, mùsùlùmí Hausa-Fúlàní ni ẹ̀míà tó ń jọba, kìrìsìtẹ́nì ló pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà tó yí i ká, wọ́n sì ti ń bínú tipẹ́ pé ẹlòmíì ló ń ṣàkóso ilẹ̀ àwọn. Ẹ̀sìn, ẹ̀yà, ilẹ̀ àti oyè wá tò sórí ìlà kan ṣoṣo. N'Ìbàdàn, ìlà yẹn gba inú ilé kan náà kọjá: ẹ̀gbọ́n lè máa jẹ́ Múfútáù, kí àbúrò máa jẹ́ Sámúẹ́lì, kí wọ́n jọ jogún ilẹ̀ baba wọn. David Laitin, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, kọ ọ́ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1986 pé ìlú baba ẹni ni Yorùbá fi ń dá ara wọn mọ̀ nínú òṣèlú, kì í ṣe ẹ̀sìn.

Ẹni tó bá ń kọ péépà lè di ọwọ́ rẹ̀ mú níbí. Ohun tó wà ní ibi méjèèjì, tó jà ní ọ̀kan tí kò jà ní èkejì, kò lè dá jẹ́ okùnfà ìjà. Ṣùgbọ́n ká má sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Tí kì í bá ṣe ẹ̀sìn tó ka ère àti àmì sí ọ̀rọ̀ òótọ́ àti irọ́, àgbélébùú kan lágbàlá kò ní dọ̀ràn. Ibi tí Assmann ti jàre nìyẹn: irú ẹ̀sìn bẹ́ẹ̀ lè pèsè ọ̀rọ̀ tí ìjà yóò fi sọ̀rọ̀. Bóyá ìjà yẹn yóò parí sí ìdí ògiri tàbí yóò parí sí ibojì, ẹ wo ẹni tó ni ilẹ̀, ẹni tó ń jọba, àti bóyá àwọn méjèèjì tó ń jà lè jọ pe ẹnì kan ní bàbá.