Kí Ló Dé Tí 👍 Fi Ń Dùn Wá?

Ká ní o kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ lórí WhatsApp pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ríṣẹ́ o!” Wọ́n wá fi 👍 fèsì. Ó dùn ọ́, àbí? Lójú tiwọn, “ó dáa” ni wọ́n sọ yẹn. Ṣùgbọ́n nínú ṣáàtì, a kì í gbóhùn, a kì í rójú. Bí èèyàn ṣe kọ̀wé tó la fi ń mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn. “Kú oríire” lò ń retí. Àtàǹpàkò pa ọ̀rọ̀ dé. Tó bá jẹ́ “aago mẹ́rin la máa pàdé” lo kọ, 👍 ti tó.

Ohun tí mo máa ń wò ni bí onítọ̀hún ṣe ń fèsì tẹ́lẹ̀. Ẹni tó máa ń kọ̀wé gan-an, tó wá dédé fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo ránṣẹ́, òun ni mo máa ń pè.