Ògiri Lanu, Kí Owó Ilé Wálẹ̀

Ní England, iye owó tí olùrà àti onílé jọ fẹnu kò sí kì í ṣe abẹ́ gé. Títí di ọjọ́ tí lọ́yà ìhà méjèèjì bá ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé àdéhùn tí wọ́n ti fọwọ́ sí, olùrà lè ní òun ò san tó bẹ́ẹ̀ mọ́, onílé náà sì lè ní òun ò tà mọ́. Àárín àkókò yìí ni sọ́fíyọ̀ máa ń lọ yẹ ilé wò, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ògiri tó lanu sì máa ń yọjú.

Ó máa ń yọjú gan-an ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí ilẹ̀ amọ̀ ni apá tó pọ̀ nínú ìlú náà wà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, tí gbòǹgbò igi sì ń fa omi lábẹ́ ilé, amọ̀ yẹn á súnkì, ìpìlẹ̀ tí kò jìn á sì bá a wálẹ̀. Ọ̀dá ọdún 1976 ló kọ́ ọ̀pọ̀ onílé ní ẹ̀kọ́ yìí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlà tó wà lára ògiri ló yẹ kéèyàn torí ẹ̀ ná owó. Àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wọn bí ó ṣe fẹ̀ tó. Èyí tí kò ju mílímítà 5 lọ sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ pílásítà àti ọ̀dà. Tó bá ti kọjá ìyẹn, ilẹ̀kùn àti fèrèsé lè bẹ̀rẹ̀ sí í há. Tó bá kọjá 15, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ìrísí rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀: èyí tó dágẹ̀ẹ́rẹ́ láti igun fèrèsé, tó ń tẹ̀ lé ojú ìsopọ̀ bíríkì bí àtẹ̀gùn, tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, tó sì hàn nínú àti lóde, ń fi hàn pé ilẹ̀ ti yẹ̀ lábẹ́ ilé.

Ẹ jẹ́ ká fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ, tí wọ́n dá £450,000 lé ilé àtijọ́ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Báǹkì ti rán ẹni tirẹ̀ lọ wo ilé náà, àmọ́ bóyá ilé tó owó tí wọ́n fẹ́ yá wọn nìyẹn wò. Sọ́fíyọ̀ tí àwọn fúnra wọn gbà ló rí ìlà mílímítà 7 níbi tí yàrá ẹ̀yìn ti so mọ́ ilé. Ó ní kí wọ́n pe ẹnjiníà. Ẹnjiníà ní kí wọ́n ki kámẹ́rà bọ páìpù ìdọ̀tí, wọ́n sì rí i pé páìpù ti fọ́, omi rẹ̀ sì ń gbá iyẹ̀pẹ̀ lọ lábẹ́ ìpìlẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùrà ti máa ń kù gìrì béèrè £30,000, onílé á sì bínú. Àwọn tọkọtaya yìí gba iye iṣẹ́ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe méjì: £11,500 àti £13,000, fún páìpù, fún irin tí wọn óò fi so ògiri pọ̀, àti fún pílásítà. Wọ́n kọ̀wé sí ejẹ́ǹtì pé: “A ṣì fẹ́ ra ilé yìí. Ìwé ẹnjiníà àti iye iṣẹ́ nìwọ̀nyí. Ẹ bá wa bẹ onílé kí wọ́n yọ £13,000.” Onílé ní ilé òun ti dàgbà, iye tí òun pè sì ti gba ìyẹn rò. Wọ́n dáhùn pé iye tí ilé àdúgbò tí ògiri rẹ̀ dá ṣáká ń lọ náà ni wọ́n pè. Wọ́n parí rẹ̀ sí £12,000. Onílé mọ̀ pé olùrà mìíràn yóò béèrè nípa ògiri náà, àti pé ejẹ́ǹtì tó ti rí ìwé yẹn kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún un.

Àmọ́ ẹ̀dínwó £12,000 kọ́ ni £12,000 lápò. Bí wọ́n bá ń san ìdá mẹ́wàá lára owó ilé fúnra wọn, £1,200 péré ló kù sí wọn lọ́wọ́. £10,800 yòókù jẹ́ gbèsè tí wọn kò ní jẹ mọ́, agbaṣẹ́ṣe kò sì ní gba ìyẹn lówó iṣẹ́. Báǹkì náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé iye owó ti yí padà. Ìdí nìyí tí olùrà tí kò ní owó ìpamọ́ fi lè jàǹfààní jù bí onílé bá tún páìpù àti ògiri náà ṣe kó tó tà, kó sì kó ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà fún un. Bí ilé-iṣẹ́ adójútòfò onílé bá sì ti gba ẹ̀sùn lórí ilé tó ń rì, kí lọ́yà béèrè bóyá wọ́n lè gbé e lé olùrà lọ́wọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ni kí ẹ ti parí gbogbo èyí. Lẹ́yìn pàṣípààrọ̀, iye owó ti dúró, ẹni tó bá sì yẹ àdéhùn lè pàdánù owó ìdókòwò rẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ìdá mẹ́wàá owó ilé.