Ìrẹsì Ènìyàn 6 Di Ti Ènìyàn 120

Ká ní ẹnìkan ya ojú ìwé ìdáná kan ní fọ́tò, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ènìyàn 6 ló wà níbẹ̀, a sì fẹ́ sè é fún ènìyàn 120 níbi ìdágbére àwọn tó ń jáde. Tí a bá fi 6 pín 120, 20 la máa rí. Ṣé ká kàn fi 20 sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀ ni? Rárá o. Owó tí a dá jọ ò lè ra ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ kọ́kọ́ fẹ fọ́tò náà lójú dáadáa. `tsp` ni ṣíbí tíì, `tbsp` ni ṣíbí ìjẹun. Ṣíbí tíì 3 ló wà nínú ṣíbí ìjẹun 1, nítorí náà bí ẹ bá ṣì í kà, iyọ̀ yín á di ìlọ́po mẹ́ta.

Ìrẹsì ife 3 yóò di 60. Èyí gba ìsọdipúpọ̀ tààrà, torí ikùn ènìyàn kọ̀ọ̀kan ò yí padà. Ọjà wa sì ń lo kóńgò, ẹ fi ife kan náà wọn kóńgò wò. Bó bá gba ife 8, kóńgò 7 àti ààbọ̀ lẹ máa rà. Ìrẹsì tó bá jinná máa ń wú tó ìlọ́po mẹ́ta, nítorí náà ẹ pín in sí ìkòkò ńlá méjì.

Omi ló máa ń dójú tini jù. Fọ́tò ní kí omi àti ata lílọ̀ jẹ́ ife 4 àti ààbọ̀. Ìrẹsì fúnra rẹ̀ á mu bí ife 3, ìyókù á bá ooru lọ. Ṣùgbọ́n ìkòkò ńlá jìn, ẹnu rẹ̀ ò fẹ̀ ní ìlọ́po ogún, ooru tó ń jáde ò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá da ife 90 sí i, ó máa di kókó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí 75, kí ẹ gbé omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ láti máa fi kún un. Bákan náà, ẹ kọ́kọ́ fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iyọ̀ àti ata rodo sí i, kí ẹ tọ́ ọ wò.

Àsìkò ńkọ́? Ìṣẹ́jú 30 lọ́nà 20 jẹ́ wákàtí 10, kò sẹ́ni tó ń se ìrẹsì bẹ́ẹ̀! Omi ló máa pẹ́ kó tó hó. Lẹ́yìn tí ìrẹsì bá wọ inú rẹ̀, ó lè gba bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ìsàlẹ̀ á ti fẹ́ máa jó kí òkè tó rọ̀, nítorí náà bí omi bá ti ń gbẹ, ẹ fa igi jáde kó ku ẹyín iná, ẹ dé e pa, kí ẹ máa fi omorogùn yí ti ìsàlẹ̀ sókè. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn jíjó, ẹ má họ ìdí ìkòkò o! Ẹ yára kó ti òkè sínú ìkòkò míì.

Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó bá ṣì le díẹ̀ lẹ́nu. Ìkòkò ńlá kì í tètè tutù, ooru inú rẹ̀ ló máa parí iṣẹ́ náà.