Ṣé o mọ̀? PS4 tí wọ́n ti kíráàkì lè jẹ gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì

Bí wọ́n bá fi PS4 tòkunbọ̀ lọ̀ ọ́ ní Modákẹ́kẹ́, tí géèmù kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ tí kò sí díìsìkì kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kíráàkì rẹ̀. Lọ sí Settings, System, System Information. Bí o bá rí 9.00 tàbí 11.00 níbẹ̀, ṣọ́ra: wọ́n ti rí ọ̀nà wọ inú àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í lè wọ PlayStation Network, nítorí sọ́fíwia tuntun ni Sony ń béèrè. Bí o bá sì gbé tuntun wọ̀ ọ́, kíráàkì náà parẹ́, géèmù ayédèrú inú rẹ̀ kò ní ṣí mọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé Sony lè dí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí àkáǹtì. Ìwọ tó rà á lẹ́yìn náà kò ṣẹ̀, síbẹ̀ ìwọ ni yóò jìyà rẹ̀, àkáǹtì tuntun kò sì ní tú u sílẹ̀. Gàráńtì ilé iṣẹ́ kì í sì í bo ẹ̀rọ tí wọ́n ti yí padà.

Kí o tó sanwó, fi fóònù rẹ fún un ní íńtánẹ́ẹ̀tì, jẹ́ kí ó gba sọ́fíwia tuntun, kí o sì fi àkáǹtì ọ̀fẹ́ tuntun wọlé, má fi tìrẹ gan-an. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà, má rà á.