Kíka Yàrá Orin Mẹ́rin Nínú Àwòrán

Yàrá orin mẹ́rin péré ni a fẹ́ kà ní alẹ́ yìí. Àwòrán ojú ìwé kan ni ó wà níwájú wa. Ẹni tí ó yà á ṣe é ní kánkán, nítorí ìwé náà kì í ṣe tirẹ̀. Apá òsì ti gé kúrò lókè, òjìji ọwọ́ sì bo ibì kan nísàlẹ̀. Àwọn akọrin ní láti kọ orin náà ní ọjọ́ Ìsinmi, ìwé sì ti padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín. Ohùn Orin Ayọ̀ ti Beethoven ni, bí a ti ń kọ ọ́ ní ìrọ̀rùn nínú ìwé orin. Inú sínfóní rẹ̀ kẹsàn-án ni ó ti wá, èyí tí a kọ́kọ́ gbọ́ ní Vienna ní ọdún 1824.

Orí ìlà márùn-ún àti inú àlàfo wọn ni a ń kọ nóòtì sí. Ìlà márùn-ún bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní ọ̀wọ́. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń kà á lọ sókè. Ìlà kò ní orúkọ fúnra rẹ̀. Kílẹ́ẹ̀fù, àmì ńlá tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́, ni ó ń sọ ọ́ lórúkọ. Nóòtì wa kìíní wà nínú àlàfo ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí kílẹ́ẹ̀fù bá jẹ́ ti ohùn òkè, F ni nóòtì náà. Bí ó bá jẹ́ ti ohùn ìsàlẹ̀, A ni. Ṣùgbọ́n kílẹ́ẹ̀fù náà gan-an ni àwòrán gé sọnù, àti àwọn ṣáàpù tí ó tẹ̀ lé e.

Nígbà náà ni a wo ọ̀wọ́ kejì, nítorí pé a máa ń tún kílẹ́ẹ̀fù àti ṣáàpù kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ òjìji ti bo kílẹ́ẹ̀fù, ṣùgbọ́n ṣáàpù méjì hàn gbangba. Ètò kan náà ni ṣáàpù ń tẹ̀ lé nígbà gbogbo: F ni ó ń ṣáájú, C ni ó tẹ̀ lé e. Èyí tí ó ṣáájú nínú àwòrán wa jókòó lórí ìlà tí ó ga jù lọ. Nínú kílẹ́ẹ̀fù ohùn òkè, ibẹ̀ gan-an ni F ń gbé. Nínú ti ohùn ìsàlẹ̀, orí ìlà kẹrin ni ì bá wà. Nítorí náà kílẹ́ẹ̀fù ohùn òkè ni òjìji bò, F sì ni nóòtì wa kìíní.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ṣáàpù wà lókè, nóòtì wà nísàlẹ̀, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ kò kàn án. Ó kàn án: gbogbo F, ní òkè àti ní ìsàlẹ̀, ni a ó gbé sókè ní ìdajì ohùn. Ẹni tí ó jókòó sí ìdí duru gbàgbé èyí nígbà tí a kọ́kọ́ dán an wò, orin ayọ̀ sì di ẹkún. Ẹni tí ó mọ do-re-mi ní ọ̀nà àbùjá kan: nínú orin bí èyí, ti ni ṣáàpù ìkẹyìn, do sì wà lókè rẹ̀ gan-an. C ni ìkẹyìn wa, nítorí náà D ni do, F sì di mi. Yàrá mẹ́ta ìkíní wá ń kà báyìí: mi mi fa so, so fa mi re, do do re mi.

Nọ́ḿbà ìṣísẹ̀ kò gé, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ṣáàpù ni a ń kọ ọ́ sí: 4 lókè, 4 nísàlẹ̀. Ti òkè sọ pé ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni yàrá kọ̀ọ̀kan. Ti ìsàlẹ̀ sọ pé nóòtì dúdú tí ó ní ọ̀pá lásán gba ìṣísẹ̀ kan. Yàrá mẹ́ta ìkíní ní irú nóòtì bẹ́ẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n sì pé.

Yàrá kẹrin ni ó yọ wá lẹ́nu. Nóòtì dúdú kan wà níbẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e tí ó ní ìrù lára ọ̀pá, ìyẹn ni ìdajì ìṣísẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èyí tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ó gba méjì. A kà wọ́n pọ̀: mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìdajì ìṣísẹ̀ ti sọnù. Nígbà tí a tún wò ó dáadáa, a rí ààmì tóótó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ nóòtì ìkíní, tí a ti rò pé ìdọ̀tí ìwé ni. Tóótó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nóòtì a máa fi ìdajì ara rẹ̀ kún un. Ìṣísẹ̀ kan di ọ̀kan àti ààbọ̀, yàrá sì pé mẹ́rin: mi tí ó gùn, re kúkúrú, re gígùn.

Tóótó mìíràn wà lókè nóòtì kejì nínú yàrá kejì. Bí ó bá jẹ́ ti òǹkọ̀wé, a ó gé nóòtì náà kúrú bí a ti ń kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ìdọ̀tí, a ó kọ ọ́ bí ó ti rí. Kíkà ìṣísẹ̀ kò lè dá ẹjọ́ yìí, nítorí irú tóótó bẹ́ẹ̀ kì í yí iye padà. A ti ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni ìwé.