Ohùn Wákàtí Mẹ́fà Nínú Kọ̀ǹpútà Gígábáìtì Méjì

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ọdẹ, jáde láyé, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wọn ṣe ìṣípà fún wọn. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí di aago mẹ́ta òru ni wọ́n fi sun ìrèmọ̀jé. Mo gbé rẹ́kọ́dà kékeré kan sórí àga nítòsí wọn, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì fi í sílẹ̀ kó máa gba ohùn. Wákàtí mẹ́fà ló gbà láìdánu dúró.

Ohun méjì ni kò dára nínú ohùn náà nígbà tí mo gbọ́ ọ nílé. Ó lọ sílẹ̀ jù, nítorí pé mo mọ̀ pé ìbọn yóò dún, mo sì ti yí rẹ́kọ́dà náà wálẹ̀ kí ìbọn má bàa bà á jẹ́. Èkejì ni jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, tó ń kùn lábẹ́ ohùn àwọn àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní ìṣẹ́jú kan péré ni, ẹni tó bá mọ Python díẹ̀ yóò ti tún méjèèjì ṣe kí omi tó hó. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà ni, kọ̀ǹpútà mi sì ti pẹ́, gígábáìtì 2 ni gbogbo mẹ́mórì tó ní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ohùn náà ṣe tóbi tó. Nọ́ńbà ni ohùn jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Rẹ́kọ́dà ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti makirofóònù síwá sẹ́yìn, ìgbà 44,100 ló sì ń wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gba báìtì 2 lórí dísìkì, nítorí náà ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ báìtì 176,400. Wákàtí mẹ́fà jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 21,600. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀, fáìlì náà jẹ́ nǹkan bíi gígábáìtì 3.8.

Ẹni tó bá rí 3.8 lè rò pé kọ̀ǹpútà tó ní mẹ́mórì gígábáìtì 4 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Kò lè gbà á rárá. Bí a bá fẹ́ fi nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe ìṣirò, àyè báìtì 2 kò tó wọn mọ́, nítorí pé ìdá àti ẹ̀sún yóò wọ inú wọn. Báìtì 8 ni `soundfile`, tí a fi ń ka ohùn nínú Python, máa ń fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bí a kò bá sọ ohun mìíràn fún un. Ohun tó jẹ́ 3.8 lórí dísìkì ti di gígábáìtì 15.2 nínú mẹ́mórì, a kò sì tíì sẹ́ ohùn kankan. Nígbà tí mo ní kí kọ̀ǹpútà mi ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iná dísìkì ń tàn láìkú, atọ́ka ojú gíláàsì dúró gbagidi, nígbà tó sì pẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jáde: `Killed`. Lórí ẹ̀rọ mìíràn, `MemoryError` ni ẹ óò rí.

Ọ̀nà àbáyọ ni ká máa bù ú ní òkèlè. A ó ka ìṣẹ́jú kan, a ó ṣe é tán, a ó kọ ọ́ sínú fáìlì tuntun, mẹ́mórì yóò gbàgbé rẹ̀, a ó sì bu òmíràn. Òkèlè ìṣẹ́jú kan jẹ́ mẹ́gábáìtì 42 nínú mẹ́mórì. Bí a bá tilẹ̀ ka èyí tí a kà, èyí tí a ṣe àti àwọn tí ìṣirò ń lò lágbedeméjì pọ̀, kọ̀ǹpútà mi kò ní mọ̀ ọ́n lára. Kò sì dáa kí òkèlè kéré jù. Ẹni tó bá ń bu nọ́ńbà ọgọ́rùn-ún lọ́gọ́rùn-ún yóò lo ọ̀pọ̀ àkókò nídìí àlọ àti àbọ̀ ju èyí tí yóò lò nídìí iṣẹ́ gan-an lọ.

Bíbù kò le. Ohun tó le ni mímọ ohun tó yẹ kí òkèlè kan fi lé èkejì lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Àkọ́kọ́ jẹ mọ́ asẹ́. Láti dín kíkùn jẹnẹrétọ̀ kù, mo lo asẹ́ tó ń dí ohùn tí kò gbọ̀n tó ìgbà 80 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí pé ohùn ọkùnrin kì í sábà lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣe òkèlè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ jọ, mo sì fetí sí i. Ó mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìṣẹ́jú kan ti pé, mo gbọ́ "tó!" bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná ta pákó. Mo tún gbọ́ ọ nígbà tí ìṣẹ́jú méjì pé, mo sì gbọ́ ọ nígbà tí mẹ́ta pé.

Ohun tó fà á nìyí. Asẹ́ irú èyí kì í wo nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ nìkan, ó tún máa ń rántí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, àti ìdáhùn tí òun fúnra rẹ̀ fún wọn. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun ní orí òkèlè kọ̀ọ̀kan, yóò rò pé kẹ́kẹ́ ló pa kí ohùn tó dé. Àárín ọ̀rọ̀ sì ni àwọn ọdẹ wà! Ohùn tó ti wà lókè yóò dà bí ẹni pé ó fò sókè láti ilẹ̀ lójijì, fífò yẹn ni etí ń gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú pé ojú ibi tí a ti bù ú ni àléébù wà, ẹ yí òkèlè padà sí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Bí "tó" náà bá ń wá ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ ti mú un. Bí kò bá kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, inú ohùn àkọ́kọ́ ló ti wá.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí asẹ́ gbé ìrántí rẹ̀ fún wa nígbà tí òkèlè kan bá parí, kí a sì dá a padà fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn. Nọ́ńbà mẹ́jọ péré ni gbogbo ìrántí náà. Mo pè é ní `iranti` nínú èyí tí mo kọ:

```python
import numpy as np
import soundfile as sf
from scipy.signal import butter, sosfilt

ase = butter(4, 80, "highpass", fs=44100, output="sos")
iranti = np.zeros((2, 2, 2))

with sf.SoundFile("isipa.wav") as wole, \
     sf.SoundFile("isipa2.wav", "w", 44100, 2, "PCM_16") as jade:
    for okele in wole.blocks(44100 * 60):
        y, iranti = sosfilt(ase, okele, axis=0, zi=iranti)
        jade.write(np.clip(y * 6, -0.98, 0.98))
```

Ẹ kíyè sí i pé `iranti` wà lápá òsì àti lápá ọ̀tún ìlà kejì sí ìkẹyìn. Ó jáde níbẹ̀, ó sì tún wọlé padà. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé a kò kó `y` jọ síbì kankan, tààrà ló ń lọ sínú dísìkì. Ẹni tó bá bù ú ní òkèlè ṣùgbọ́n tó ń to èyí tó ti ṣe jọ sínú mẹ́mórì títí iṣẹ́ yóò fi parí kò tíì yọ nínú ewu àkọ́kọ́. Mẹ́mórì yóò máa kún díẹ̀díẹ̀, `Killed` yóò sì dé lẹ́yìn wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ohùn náà.

Àṣìṣe kejì jẹ mọ́ gbígbé ohùn sókè. Nínú ìṣirò yìí, 1 ni òrùlé, ohùn kò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Mo wá ibi tó ga jù nínú òkèlè kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé òkèlè yẹn sókè títí ó fi sún mọ́ òrùlé. Ohun tí mo gbọ́ burú. Ní ìṣẹ́jú tí àwọn àgbà fi sinmi, jẹnẹrétọ̀ bú ramúramù, nítorí pé òun nìkan ló wà níbẹ̀ láti gbé sókè. Bí wọ́n ṣe tún bẹ̀rẹ̀ ìrèmọ̀jé, ohùn já wálẹ̀ lójijì. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ló yẹ kí gbogbo òru náà lò, kò sì sí òkèlè kan tó lè dá ìwọ̀n yẹn mọ̀.

Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì la ó la fáìlì náà kọjá. Ní ìgbà àkọ́kọ́, a ó sẹ́ ohùn bíi ti òkè yẹn, ṣùgbọ́n a kò ní kọ ohun kan sínú fáìlì. Ibi tó ga jù nínú òkèlè kọ̀ọ̀kan nìkan la ó fi pamọ́:

```python
giga.append(np.abs(y).max())
```

Nọ́ńbà 360 ló kù lọ́wọ́ mi nígbà tó parí, ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ̀ wọ́n jáde, mo sì jókòó kà wọ́n. Àwọn tó pọ̀ jù wà láàárín 0.04 sí 0.12. Mẹ́ta yọ sókè fíofío, wọ́n lé ní 0.9. Mo lọ gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbọn ló dún nínú wọn. Ká ní mo kàn ní kí ẹ̀rọ wá ibi tó ga jù lọ ní gbogbo òru, ìbọn ni ì bá mú, ohùn àwọn àgbà kò sì ní gòkè rárá. 0.12 ni mo fi ṣe òdiwọ̀n. Mo gbé gbogbo rẹ̀ sókè ní ìlọ́po mẹ́fà, ohùn ènìyàn tó ga jù wá dé 0.72, `np.clip` sì gé orí ìbọn sí 0.98. Dídún ìbọn náà kò rí bó ṣe rí lóru ọjọ́ náà mọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó yàn án, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà ni mo fẹ́ kí ọmọ wa gbọ́.

Kí n tó fi wákàtí mẹ́fà lé e lọ́wọ́, mo dán an wò. Mo gé ìṣẹ́jú márùn-ún, èyí tí mẹ́mórì mi lè gbà lẹ́ẹ̀kan, nítorí kò ju mẹ́gábáìtì 212 lọ. Mo ṣe é lódindi, mo tún ṣe é ní òkèlè ìṣẹ́jú-àáyá méje méje, mo sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Bí iṣẹ́ bá péye, òdo ló yẹ kó kù, tàbí ohun tí etí kankan kò lè gbọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan méje nítorí pé kò pín 300 dọ́gba. Òkèlè ìkẹyìn yóò kúrú, ibẹ̀ sì ni prógíráàmù tí a kọ láìbìkítà ti máa ń ju ìrù ohùn nù.

Ẹni tí tirẹ̀ bá gùn ju tèmi lọ yóò bá ògiri mìíràn pàdé. Orí fáìlì WAV kò lè ka báìtì tó ju 4,294,967,295 lọ, ìyẹn nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 45 ní ìwọ̀n tí mo lò. Bí èmi náà bá ti yan báìtì 3 fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì tuntun, gígábáìtì 5.7 ni ì bá jẹ́, ì bá sì kọjá ààlà yẹn. Irú `RF64` la máa ń kọ irú bẹ́ẹ̀ sí. Bí rẹ́kọ́dà bá sì ti gé òru náà sí fáìlì méjì fúnra rẹ̀, `iranti` tó jáde ní òpin àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ èkejì, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ "tó" kan yóò wà ní ojú oríkèé náà.

Jẹnẹrétọ̀ náà kò lọ tán. Asẹ́ mi mú ìsàlẹ̀ kíkùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń kùn ní 100, 150 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú, ibẹ̀ gan-an sì ni ohùn àwọn ọdẹ wà. Bí mo bá gé e sókè sí i, ìjìnlẹ̀ ohùn bàbá tó ń lé ìrèmọ̀jé yóò bá a lọ. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fáìlì tí rẹ́kọ́dà gbà wà lórí dísìkì méjì láìfọwọ́kàn, ìbọn rẹ̀ pé, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ náà pé.