Kírẹ́díìtì Nóòtì àti Owó Àdápadà: Bí Oníṣòwò Aṣọ Òkè Ṣe Yẹ Kó Kọ Wọ́n Sínú Ìwé

Bí oníbàárà bá dá aṣọ padà sí Ìṣẹ́yìn, ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé ìṣirò sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Ọ̀rọ̀ kìíní ni pé ọjà tí a ti kọ pé a tà kò tà mọ́. Èkejì ni bóyá owó máa jáde lọ́wọ́ wa tàbí kò ní jáde. Kírẹ́díìtì nóòtì ni ìwé tó ń jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ kìíní. Owó àdápadà ló ń yanjú èkejì. Àwọn méjèèjì lè wáyé pa pọ̀, ọ̀kan sì lè wáyé láìsí ìkejì. Ibi tí òwò ti máa ń dàrú ni kí èèyàn fi ọ̀kan rọ́pò ìkejì nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká fi ìnáwó ìgbéyàwó kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìdílé ìyàwó wà ní Ṣakí. Wọ́n ránṣẹ́ sí oníṣòwò aṣọ òkè n’Ìṣẹ́yìn pé àwọn ń fẹ́ gèlè àti ìpele fún èèyàn 20, aláwọ̀ elésè àlùkò, wọ́n sì fi gígé aṣọ kan ránṣẹ́ kí wọ́n lè wo àwọ̀ rẹ̀. Gèlè kan àti ìpele rẹ̀ jẹ́ ₦30,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Wọ́n san ₦400,000 sílẹ̀ kí ahunṣọ tó jókòó sídìí òfì.

Àsansílẹ̀ yìí kì í tíì ṣe owó ọjà. Gbèsè ni lọ́rùn oníṣòwò, nítorí pé kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ojú gbèsè ni kó ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ọjọ́ tí aṣọ bá dé Ṣakí ni títà tó wáyé. Ọjọ́ náà ni yóò kọ ínfọ́ìsì nọ́ńbà 41 fún ₦600,000, yóò yọ àsansílẹ̀ kúrò, yóò sì ku ₦200,000 tí ìdílé náà jẹ ẹ́.

Wọ́n tú ìdì aṣọ ní Ṣakí. Mẹ́rìndínlógún bá gígé aṣọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ mu. Mẹ́rin tó kù dúdú jù ú lọ, torí pé òwú tán nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ, wọ́n sì lọ ra òmíràn tí kò jáde láti inú aró kan náà. Ẹni tó bá ń hun aṣọ mọ̀ pé èyí wọ́pọ̀, pé ojú oòrùn ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sì ti máa ń hàn ju inú ilé lọ. Ìdílé náà dá mẹ́rin yẹn padà.

Kí ni kí oníṣòwò ṣe sí ìwé tí wọ́n fi gba iṣẹ́ náà? Kó má fi bírò pa 20 rẹ́ kó wá kọ 16 lé e lórí. Kó má sì ya ínfọ́ìsì 41 dànù kó kọ tuntun. Nọ́ńbà ínfọ́ìsì tó bá fò nínú ìwé, tí 40 wà tí 42 wà ṣùgbọ́n tí a kò rí 41, ni ohun àkọ́kọ́ tí ayẹ̀wéwò máa fura sí, ó sì ní ìdí láti fura. Bó ṣe yẹ kí ojú ìwé náà rí nìyí:

Wọ́n béèrè: 20
A fi ránṣẹ́: 20
Wọ́n dá padà: 4, àwọ̀ kò bá gígé aṣọ mu, wo KN 7
Ó kù lọ́wọ́ wọn: 16

KN 7 ni nọ́ńbà kírẹ́díìtì nóòtì. Ìwé yìí gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó ń tẹ̀ léra, ọjọ́, orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà ínfọ́ìsì tó ń tọ́ka sí, iye aṣọ tó padà, ìdí tó fi padà, àti iye owó rẹ̀. Iye owó yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì kọ. Iye tí a tà á lórí ínfọ́ìsì 41 ni a ó kọ, kì í ṣe iye tí aṣọ ń lọ lónìí. Bí òwú bá ti gbówó lórí láti ìgbà náà, tí gèlè àti ìpele ti di ₦35,000, ₦30,000 náà ni a ó kọ. Bí a bá sì ti gé owó fún wọn nígbà títà, iye tó kù lẹ́yìn tí a gé e ni. Torí náà KN 7 jẹ́ mẹ́rin lọ́nà ₦30,000, èyí tí í ṣe ₦120,000.

Ṣé owó jáde? Rárá o. Ìdílé náà ṣì jẹ ₦200,000. Kírẹ́díìtì nóòtì gé e sí ₦80,000, wọ́n san án, ọ̀rọ̀ parí. Nínú lẹ́jà, a kọ ₦120,000 sí ọwọ́ òsì lójú ewé “ọjà tó padà”, a sì kọ iye kan náà sí ọwọ́ ọ̀tún lójú ewé ìdílé náà. A kò fọwọ́ kan ìwé báńkì rárá. Àpapọ̀ ọjà tí a tà wá di ₦480,000, tí í ṣe òótọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká yí ìtàn náà padà díẹ̀. Ká ní wọ́n ti san ₦600,000 pé kí wọ́n tó tú ìdì aṣọ. KN 7 kò yí padà, ìwé kan náà ni, iye kan náà ni. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí kò sí gbèsè tó lè gé, nítorí náà ojú ewé ìdílé náà yóò fi hàn pé oníṣòwò ló jẹ wọ́n ní ₦120,000. Gbèsè yìí lè dúró kí wọ́n fi ra aṣọ mìíràn, tàbí kí oníṣòwò dá owó wọn padà. Bí ó bá dá a padà, a ó kọ ọ́ nígbà kejì: ₦120,000 sí ọwọ́ òsì lójú ewé ìdílé náà, àti sí ọwọ́ ọ̀tún lójú ewé báńkì, pẹ̀lú nọ́ńbà tìránsífà àti “KN 7” lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ewé wọn yóò wá di òdo. Owó tí báńkì bá yọ lórí tìránsífà jẹ́ ìnáwó oníṣòwò. Kó má yọ ọ́ kúrò nínú owó oníbàárà.

Ta ló ń yàn nínú méjèèjì? Ọ̀pọ̀ rìsíìtì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pé kò sí dídá owó padà lẹ́yìn sísan. Òfin ọdún 2018 lórí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, kò fara mọ́ èyí ní gbogbo ọ̀nà. Orí 122 òfin náà sọ pé oníbàárà tí kò ráyè yẹ ọjà wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ lè dá a padà láàárín àkókò tó mọ́gbọ́n dání, kó sì gba owó rẹ̀ pé, bí ọjà náà kò bá bá àpèjúwe tàbí àpẹẹrẹ rẹ̀ mu. Aṣọ mẹ́rin tó dúdú jù yẹn bọ́ sínú èyí gẹ́lẹ́. Nítorí náà oníṣòwò kò lè fi kírẹ́díìtì nóòtì dí wọn lẹ́nu bí owó ni wọ́n bá ń fẹ́. Àmọ́ bí aṣọ bá dára, tí ó bá àpẹẹrẹ mu, tó jẹ́ pé èèyàn mẹ́rin ni kò wá ṣe ìgbéyàwó mọ́, oníṣòwò tó gba aṣọ padà tó sì fún wọn ní kírẹ́díìtì nóòtì ti ṣe dáadáa sí wọn.

Ọ̀nà kẹta wà tí kírẹ́díìtì nóòtì kò ní í wọ̀ rárá. Bí ìdílé náà bá fagi lé iṣẹ́ náà kí a tó hun ohunkóhun, kò sí ínfọ́ìsì, kò sí títà, nǹkan kan kò sí tí kírẹ́díìtì nóòtì máa dín kù. Àsansílẹ̀ ₦400,000 jẹ́ gbèsè, bí a bá dá a padà, a ti san gbèsè nìyẹn. Orí 120 òfin náà gbà kí oníṣòwò yọ iye tó mọ́gbọ́n dání fún ìfagilé. Bó bá yọ ₦20,000, kó kọ ọ́ lọ́tọ̀ bí owó tó wọlé, kó sì kọ ₦380,000 bí owó tó dá padà. Kó má kọ ₦380,000 nìkan kó wá fi ìyókù sílẹ̀ lójú gbèsè títí ayé.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní àmì tirẹ̀. Bí a bá dá owó padà tí a kọ ọ́ sínú ìwé oníbàárà láìsí kírẹ́díìtì nóòtì, ojú ewé ìdílé náà yóò sọ pé wọ́n jẹ wá ní ₦120,000, akọ̀wé yóò sì máa pè wọ́n sin gbèsè tí wọn kò jẹ. Bí a bá kọ kírẹ́díìtì nóòtì, tí a fi tìránsífà dá owó padà, tí a kò kọ ọ́, ìwé yóò sọ pé a ṣì jẹ wọ́n, a sì lè san án lẹ́ẹ̀kejì. Ìwé báńkì ló máa tú èyí síta, torí pé owó inú rẹ̀ yóò fi ₦120,000 dín sí ti inú lẹ́jà wa.

Ẹ̀kẹta ló léwu jù, nítorí pé kì í pariwo. Akọ̀wé kọ owó tí a dá padà sábẹ́ “ìnáwó”, pẹ̀lú owó epo àti owó mọ́tò. Ojú ewé oníbàárà jẹ́ òdo, báńkì bára mu, èrè ọdún náà kò tilẹ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n ọjà tí a tà ṣì jẹ́ ₦600,000 dípò ₦480,000. Bí òwò náà bá forúkọ sílẹ̀ fún owó orí ọjà VAT tí í ṣe 7.5%, tí ₦30,000 yẹn sì jẹ́ iye ọjà kí a tó fi VAT lé e, ìjọba máa retí ₦45,000 nígbà tó yẹ kó jẹ́ ₦36,000. A ti fi ₦9,000 ṣòfò. Láti rí àṣìṣe yìí, ẹ ka aṣọ tó wà nínú ilé ìkẹ́rù: mẹ́rin máa wà níbẹ̀ tí ìwé sọ pé ó ti tà.

Àwọn mẹ́rin yẹn náà ní ibi tí a ń kọ wọ́n sí. Bí ó bá ná wa ní ₦18,000 láti hun ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a sì lè tà á fún ẹlòmíràn, ₦18,000 ni yóò fi padà sínú ìwé ọjà, kì í ṣe ₦30,000. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá wu ẹnikẹ́ni ju ₦12,000 lọ, ₦12,000 ni, kí ₦6,000 tó kù di àdánù.

Bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti san pé tí wọn kò gba owó padà, nígbà tí ìdílé náà bá padà wá pẹ̀lú KN 7 láti fi ra fìlà ₦90,000, ẹ kọ ínfọ́ìsì tuntun fún ₦90,000 pé, kẹ́ ẹ kọ KN 7 síbi tí a ń kọ owó tí wọ́n san sí. Ẹ má pè é ní ẹ̀dínwó, nítorí pé a ti yọ ọ́ kúrò nínú ọjà tí a tà nígbà àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn KN 7 pé ó ku ₦30,000.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ẹ kọ gbogbo kírẹ́díìtì nóòtì tí oníbàárà kò tíì lò sórí bébà kan, kẹ́ ẹ ro iye wọn pọ̀, kẹ́ ẹ sì kà á mọ́ gbèsè tí ẹ jẹ.